Wọ́n Mú Ajalèlókun, Wọn Ò Rí Ibi Tí Wọn Yóò Gbé Wọn Lọ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, lórí agbami tó wà ní gúúsù Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Dẹ́nmáàkì gbá tọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lọ. Hẹlikọ́pítà ọkọ̀ ogun wọn, Esbern Snare, ti rí àkàbà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apẹja kì í gbé àkàbà lọ sójú òkun. Ẹni tó fẹ́ gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń gbé e. Wọ́n ní kí wọ́n dúró, wọn ò dúró. Wọ́n yìnbọn ìkìlọ̀, àwọn yẹn náà sì yìnbọn padà. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, mẹ́rin ti kú, ọwọ́ sì tẹ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn fara gbọgbẹ́.

Ta ló fún Dẹ́nmáàkì láṣẹ láti dá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ dúró lórí omi tí kì í ṣe tirẹ̀?

Àsíá ni ìdáhùn náà. Orílẹ̀-èdè tó bá létíkun ló ni omi tó wà láàárín máìlì òkun 12 sí etí ilẹ̀ rẹ̀. Lórí agbami, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ bá gbé àsíá rẹ̀ ló láṣẹ lórí ọkọ̀ náà. Àwọn yòókù kàn ń wò ó ni. Ṣùgbọ́n Àdéhùn Òfin Òkun ti ọdún 1982, ní abala 110, fàyè gba ọkọ̀ ogun láti lọ yẹ ọkọ̀ mìíràn wò bí ìfura gidi bá wà pé ọkọ̀ náà ń jalè, tàbí pé kò ní àsíá kankan. Ọ̀gá ológun kan ni yóò kọ́kọ́ lọ wo ìwé ọkọ̀. Bí ìfura bá ṣì kù, wọ́n lè tú inú rẹ̀. Bó bá já sí pé ọkọ̀ náà ò ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fura sí i fún, wọn yóò sanwó ìbàjẹ́ fún un.

Bó bá jẹ́ ajalèlókun lóòótọ́, abala 105 ní ẹni tó mú un lè gbé e lọ sílé-ẹjọ́ tirẹ̀. Ó lè gbé e lọ, kì í ṣe dandan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Dẹ́nmáàkì ti há.

Kì í ṣe pé agbègbè náà ò lófin. Nàìjíríà ṣe òfin ajalèlókun ní ọdún 2019, àti pé ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán ọkùnrin mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí ọkọ̀ ìpẹja Ṣáínà, Hailufeng 11, tí wọ́n já gbà lójú omi Kotidifúà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà fúnra wọn ló mú àwọn yẹn. Ti Dẹ́nmáàkì yàtọ̀: wọn ò rí orílẹ̀-èdè kankan níbẹ̀ tó gba àwọn tí wọ́n mú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n kó mẹ́ta sínú ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti epo tí yóò gbé wọn débùúté, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ.

Ẹni kẹrin ò lè lọ, torí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Wọ́n gbé e lọ sí Dẹ́nmáàkì, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ sì dá a lẹ́bi lóṣù Kọkànlá ọdún 2022. Wọn ò fún un níjìyà kankan.