Ìròyìn Ìkọlù Ọkọ̀ Látọwọ́ Awakọ̀ Ilé-Iṣẹ́

Fọ́ọ̀mù ìjàǹbá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fún awakọ̀ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Wọ́n á béèrè bí ojú ọ̀nà ṣe rí, ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ohun tó bàjẹ́, àti ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn máa ń kéré, èyí ló ń mú kí awakọ̀ kọ “ó wá kọ lù mí látẹ̀yìn” kó sì fọwọ́ sí i. Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n tí awakọ̀ kejì bá lọ sọ ohun mìíràn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò tirẹ̀, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè fi mọ ẹni tí wọn yóò gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù ilé-iṣẹ́ kan kó omi inú ọ̀rá láti Ṣágámù, ó ń lọ sí Ìbàdàn ní oṣù October. Ó ku díẹ̀ kí aago méje ìrọ̀lẹ́ lù, oòrùn ti wọ̀. Nítòsí Ògèrè, tírélà kan dákú sí etí títì, àwọn ọkọ̀ iwájú sì ń rọra. Bọ́ọ̀sì náà tẹ bíréékì, Kòrólà kan sì forí sọ ọ́ nídìí. Awakọ̀ Kòrólà ní bọ́ọ̀sì kò tan iná ẹ̀yìn rárá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní òun tan án.

Títì márosẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró pẹ́. Kí wọ́n gbé àmì onígun mẹ́ta sí ẹ̀yìn dáadáa, kí àwọn èrò bọ́ sí ìta títì, kí wọ́n sì pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò, kí wọ́n tó sún ọkọ̀ kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, fọ́tò lè dúró.

Fọ́tò nìkan kì í fi jíjìnnà hàn, ó sì máa ń tan ojú jẹ. Nítorí náà, awakọ̀ yóò wá ohun kan tí kò lè rìn, bí òpó iná tàbí òkúta tó ń sọ iye kìlómítà, yóò sì fi ìṣísẹ̀ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀. Kó má fi tírélà tó dákú ṣe òdiwọ̀n, torí wọ́n lè wọ́ ọ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwọ̀n méjì ló tó fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: bó ṣe jìnnà sí òpó náà ní gígùn ọ̀nà, àti bí táyà rẹ̀ ṣe jìnnà sí etí ọ̀dà. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà sábà máa ń súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 75, ṣùgbọ́n ó sàn kí awakọ̀ ti wọn tirẹ̀ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún àti òsì inú ìròyìn, ti ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ tó kọjú síbi tó ń lọ ni.

Ibi tí ọkọ̀ dúró sí kọ́ ni ibi tí wọ́n ti kọ lu ara wọn. Èyí tó sọ ti ibẹ̀ wà nílẹ̀: ẹrẹ̀ gbígbẹ tó já bọ́ lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí ó gbọ̀n rìrì. Gíláàsì náà ń já bọ́, ṣùgbọ́n òun máa ń fò síwájú, nítorí náà ẹrẹ̀ ni kí a gbà gbọ́ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, òkìtì ẹrẹ̀ wà ní ìṣísẹ̀ 14 sí òpó, táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì sì wà ní ogún. Wọ́n ti tì í síwájú nìyẹn, ní nǹkan bíi mítà mẹ́rin ààbọ̀.

Fún ojú ọ̀nà, “òjò rọ̀” kò tó. Ṣé òjò ṣì ń rọ̀ ni, àbí ó ti dá tí ọ̀dà ṣì tutù? Ṣé iná òpópónà wà, ṣé ó sì ń tàn? Níbo ni tírélà yẹn wà, ṣé ó sì gbé àmì kankan sẹ́yìn? Ẹni tó bá gbàgbé tírélà ti gbàgbé ohun tó mú kí gbogbo ọkọ̀ máa rọra.

Ibi tí ọkọ̀ ti bàjẹ́ ni mo rò pé àwọn awakọ̀ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Wọ́n á kọ “iwájú rẹ̀ run”, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kọ ibi tó run àti bó ṣe ga tó láti ilẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ bíréékì líle, imú rẹ̀ máa ń tẹrí ba. Bí bọ́ńpà Kòrólà kò bá ní ju ìhà lọ, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ká jọ bí i pé ó yọ́ wọ abẹ́ ìdí bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé awakọ̀ rẹ̀ rí bọ́ọ̀sì, ó sì tẹ bíréékì, ó kàn pẹ́ ni. Àmọ́ ẹrù omi ń tẹ ìdí bọ́ọ̀sì wálẹ̀, torí náà kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ kí wọ́n tó já ẹrù, kí wọ́n sì kọ iye àpò tó wà nínú rẹ̀. Ìpalára àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn. Ẹni tó bá fi í pamọ́ ń ba ti tuntun jẹ́.

Ti iná ẹ̀yìn wá kù. Gílóòbù ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń lò níbẹ̀, wáyà tín-ín-rín méjì sì sábà máa ń wà nínú ẹyọ kan, ọ̀kan fún iná alẹ́, èkejì fún bíréékì. Wáyà tó ń tàn gbóná, ó sì rọ̀. Bí ìkọlù bá ká a mọ́ ibẹ̀, á fà, á sì wọ́. Èyí tó tutù á ṣẹ́ gééré, tàbí kó wà bó ṣe wà. Bí gíláàsì gílóòbù náà bá fọ́ nígbà tí iná ń tàn, afẹ́fẹ́ á jó wáyà yẹn dúdú, tàbí kó fi lẹ́búlẹ́bú funfun sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá iná wà. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ tan bọ́tìnì iná lẹ́yìn ìkọlù láti dán an wò, torí wáyà tó tutù tẹ́lẹ̀ lè jó nígbà náà, kó sì jọ èyí tó ti ń tàn. Kó tú gílóòbù náà, kó wé e sínú aṣọ rírọ̀, kó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sí i lára. Iná ẹlẹ́díì tòde òní kò ní wáyà, kò sì ní sọ ohunkóhun.

Fún ẹnìkejì, orúkọ, àdírẹ́sì, fóònù, nọ́ńbà láísẹ́ńsì, nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ìwé adójútòfò ni wọn yóò gbà, kí wọ́n sì yẹ ìwé náà wò lórí askniid.org nítorí ayédèrú pọ̀. Láti ọdún 2023, adójútòfò ẹnìkẹta fún ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000, ó sì ń san tó ₦3,000,000 fún dúkìá tó bá bàjẹ́. Kí wọ́n kọ àwọ̀ lẹ́tà nọ́ńbà ọkọ̀ pẹ̀lú: búlúù ni ti àdáni, pupa ni ti akérò. Lẹ́tà Kòrólà yìí jẹ́ búlúù, ṣùgbọ́n èrò mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, méjì nínú wọn sì ń béèrè owó ọkọ̀ wọn padà. Kabúkabú nìyẹn. Adójútòfò ọkọ̀ àdáni kì í sábà bo ọkọ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ èrò, ilé-iṣẹ́ adójútòfò sì lè torí rẹ̀ bá a ṣẹjọ́. Nítorí náà kí awakọ̀ kọ iye èrò, ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn, àti fóònù ẹni tó bá gbà láti jẹ́rìí.

Kó má kọ ìdájọ́ sí i, kó má sì fọwọ́ sí ìwé “mo gbà pé èmi ni mo jẹ̀bi” tí wọ́n bá kọ fún un létí títì, bó ti wù kí ariwo pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló kọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n dáàbò bò kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè tìtorí bẹ́ẹ̀ kọ̀ láti sanwó.