Owó Ekùrọ́: Ibo Ló Yẹ Kó Wọ̀ Nínú Ìwé?

Níbi tí wọ́n bá ti ń fún epo pupa, epo nìkan kọ́ ló ń jáde. Tí wọ́n bá se ẹyìn tán, tí wọ́n fún epo kúrò lára rẹ̀, ìhá á kù, ekùrọ́ náà á kù. Ìhá ni wọ́n fi ń dáná. Ekùrọ́ ni wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n á pa, tí wọ́n á ṣa èésan kúrò nínú rẹ̀, kí àwọn tó ń ṣe àdín tó wá rà á. Nítorí epo ni wọ́n ṣe dá ibi ìfúnpo sílẹ̀, ekùrọ́ kàn bá a jáde ni. Síbẹ̀, owó ni owó ekùrọ́, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ìwé.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣirò owó ń gbà kọ ọ́. Àwọn kan á yọ owó ekùrọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ná láti ṣe epo, tí ohun tí epo náni á fi dín kù. Àwọn mìíràn kò ní fọwọ́ kan ìnáwó epo rárá. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò èrè orí epo, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ owó ekùrọ́ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó mìíràn tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó, pẹ̀lú iye tó rọrùn láti ṣírò. Ká ní ẹyìn, igi ìdáná àti owó òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦6,000,000 lóṣù kan, tí igba kẹ́ẹ̀gì epo sì jáde. Wọ́n ta ekùrọ́ ní ₦600,000, ṣùgbọ́n pípa rẹ̀ àti gbígbé e lọ sọ́jà gba ₦100,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ jẹ́ ₦500,000, iye yìí ni a ó sì lò. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé láti yọ owó pípa yẹn, ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bàjẹ́.

Bí a bá yọ ₦500,000 nínú ìnáwó, kẹ́ẹ̀gì kan náni ní ₦27,500. Bí a kò bá yọ ọ́, ₦30,000 ni. Ká wá ní ọgọ́fà kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n tà lóṣù yẹn, ní ₦35,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọgọ́rin sì kù nílẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ á fi èrè ₦900,000 hàn. Ọ̀nà kejì á fi ₦600,000 hàn lórí epo, á fi ₦500,000 ekùrọ́ lé e, àpapọ̀ rẹ̀ á sì di ₦1,100,000.

Níbo ni ₦200,000 tó fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ti wá? Inú ọgọ́rin kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀ ló wà. Ọ̀nà kejì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ₦2,500 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bá ta àwọn yẹn náà ní iye kan náà, àkọ́kọ́ á jèrè ₦600,000, èkejì ₦400,000, àpapọ̀ méjèèjì á sì bára dọ́gba ní ₦1,500,000. Owó kò sọnù. Ìgbà tí èrè fara hàn ló yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ ìgbà yìí kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ àwọn ará ibi. Ìgbà tí ẹyìn pọ̀, tí epo sì pọ̀ lọ́jà, ni wọ́n máa ń tọ́jú epo pamọ́ kó tó wọ́n. Bí àwọn méjì bá jọ dá iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀nà kejì pín èrè nígbà tí epo ṣì kún ilé, èrè tí wọ́n pín á ju ti ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ, epo tó wà nílẹ̀ náà á sì gbé iye tó pọ̀ jù nínú ìwé.

Nítorí náà, ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́. Ìlànà àgbáyé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, IAS 2, náà sọ ní ìpínrọ̀ 14 pé nígbà tí irú ọjà báyìí bá kéré, iye tí a ó rí lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó ni wọ́n sábà máa ń yọ kúrò nínú owó ọjà gangan. Ọ̀nà kejì rọrùn fún ẹni tí ekùrọ́ rẹ̀ kò ju àpò díẹ̀ lọ, nítorí kò ní í dá a láàmú títí wọ́n á fi tà á.

Àléébù kan wà lára èyí tí mo fara mọ́. Bí ekùrọ́ bá já lulẹ̀ lọ́jà, yóò dà bíi pé epo ti wọ́n láti ṣe, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí padà nídìí ẹ̀rọ. Ó tún lè bo ekùrọ́ tí wọ́n jí kó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n máa kọ iye àpò ekùrọ́ tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ iye ẹyìn tí wọ́n sè. Bí ẹyìn kò bá dín kù, tí irú rẹ̀ kò sì yí padà, àmọ́ tí àpò ń dín kù, kí wọ́n lọ wo ẹ̀yìnkùlé.

Bí ekùrọ́ bá sì wá lówó lórí débi pé olówó ẹ̀rọ ń rà ẹyìn nítorí òun náà, méjèèjì ti di ọjà gangan. Ìgbà yẹn, ìnáwó títí dé ibi tí epo àti ekùrọ́ ti pínyà ni wọ́n ó pín sórí méjèèjì, bí iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá bá ṣe tó.