Kí Ló Di Òpó Irin Mú Nílẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, alàgbà kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù níbí tẹ̀ mí láago. Gbọ̀ngàn onírin ni wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ kan sì ti ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn.

Bàbá ní, "Ẹnjiníà, ìwé tí wọ́n yà fún wa sọ pé ká ri bóòtù mẹ́rin sínú kọnkéré lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí bóòtù nípọn ní 30 mìlímítà, kó sì wọlẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà. Agbaṣẹ́ṣe wa ní ìnákúnàá ni. Ó ní 24 mìlímítà tó, kó wọlẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà, nítorí pé ìwúwo òrùlé fúnra rẹ̀ á mú òpó jókòó. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yín fẹ́ jọ òótọ́. Ibi tó ti kùnà ni pé ìwúwo òrùlé kì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo." Èyí tí mo ṣàlàyé fún wọn ni mo fẹ́ bá gbogbo wa sọ lónìí, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ìkẹ́rù onírin ti di ohun tí àwọn èèyàn wa ń kọ́ káàkiri.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òpó. Wọ́n á jó pélétì irin mọ́ ìdí òpó. Pélétì yìí á jókòó lórí ìpìlẹ̀ kọnkéré, wọ́n á sì fi àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì líle dí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Bóòtù tí wọ́n ti ri sínú kọnkéré á yọ orí jáde láti inú ihò pélétì, wọ́n á sì fi nọ́ọ̀tù dè é. Ohun méjì ló ń ti òkè wá bá a. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo tó ń tẹ òpó mọ́lẹ̀ tààrà. Èkejì ni ipá ìyí, ìyẹn ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe nígbà tó bá ń ti ògiri gbọ̀ngàn, tí òpó sì fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí àga tí èèyàn fi ẹ̀yìn tì sẹ́yìn jù.

Nínú gbọ̀ngàn àwọn bàbá yìí, pélétì jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó. Bóòtù méjì wà lápá kan, méjì lápá kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jìnnà sí àárín òpó ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Ipá ìyí tó ń ti afẹ́fẹ́ wá jẹ́ 8 tọ́ọ̀nù ní ọ̀nà jíjìn mítà kan. Àlékún ààbò tí òfin ní ká fi kún un ti wà nínú iye wọ̀nyí.

Ọgbọ́n tí a fi ń wò ó rọrùn. Ẹ mú ipá ìyí, ẹ fi ìwúwo pín in. Ohun tí ẹ bá rí ni bí ìwúwo náà ṣe yẹ̀ kúrò láàárín òpó tó. Tí ìwúwo bá jẹ́ 60 tọ́ọ̀nù, 8 tí a fi 60 pín fún wa ní nǹkan bíi 13 sẹ̀ǹtímítà. Ó dà bíi pé ìwúwo náà sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ orí pélétì ló ṣì wà, nítorí pé etí pélétì jìnnà sí àárín ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Kọnkéré nìkan á gbé e, bóòtù kò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Níbi yìí, agbaṣẹ́ṣe jàre.

Wàyí o, tí ìwúwo bá jẹ́ 20 tọ́ọ̀nù péré ńkọ́? 8 tí a fi 20 pín jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Ìwúwo ti bọ́ sí ìta pélétì pátápátá! Kò sí ohun tó lè mú òpó dúró mọ́ àfi kí bóòtù ẹ̀yìn fà á mọ́lẹ̀. Báwo ni á ṣe fà á tó? Ẹ fojú inú wo ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ibi bóòtù ṣe ìdí rẹ̀. Láti ibi bóòtù, ìwúwo 20 tọ́ọ̀nù wà ní ọ̀nà jíjìn 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn 20 sí bóòtù àti 40 tó fi yẹ̀. Kọnkéré ń ti pélétì sókè lápá kejì, nínú ilà tóóró kan ní etí, àárín ilà náà sì jìnnà sí bóòtù ní 43 sẹ̀ǹtímítà. 20 lọ́nà 60 jẹ́ 1,200. Ẹ fi 43 pín in, ẹ ó rí 28 tọ́ọ̀nù. Ohun tí kọnkéré ń tì sókè nìyẹn. Òpó fi 20 tẹ̀ ẹ́, nítorí náà 8 tó kù, bóòtù méjèèjì ló ń fà á.

Ẹ tún ṣírò kan náà pẹ̀lú ìwúwo tó kéré sí i. Tí ó bá ku 5 tọ́ọ̀nù lórí òpó, ohun tí bóòtù ń fà á di nǹkan bíi 16 tọ́ọ̀nù. Tí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ òrùlé, tó fẹ́ gbé e lọ, tí òpó sì di ohun tí wọ́n ń fi 5 tọ́ọ̀nù fà sókè, bóòtù á fa 21 tọ́ọ̀nù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ipá ìyí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwúwo nìkan ló ń dín kù, bóòtù sì ti kúrò ní òdo dé 21. Ìwúwo ni ọ̀rẹ́ bóòtù. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ yẹn kò bá sí nílé ni a ń dán bóòtù wò.

Ìdí nìyí tí ìlànà ìkọ́lé Yúróòpù fi ní ká ṣe ìṣirò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ìwúwo ilé bá máa ṣe ìpalára, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.35. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ń ràn wá lọ́wọ́, a kò gbọ́dọ̀ fi kún un rárá. Ẹni tó bá ṣírò ọjọ́ tí ilé wúwo jù nìkan, bóòtù rẹ̀ á dára lórí ìwé, afẹ́fẹ́ ni á sì sọ òtítọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìmọ̀ràn agbaṣẹ́ṣe. Bóòtù 24 mìlímítà, irú tí wọ́n kọ 4.6 sí lórí, lè fa nǹkan bíi 10 tọ́ọ̀nù. Méjì jẹ́ 20. A nílò 21. Ó kù díẹ̀ káàtó. Àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ni ibi tó burú jù. Bóòtù lè má já, kí kọnkéré já. Tí wọ́n bá fa bóòtù tí kò wọlẹ̀ jinlẹ̀, ó máa ń fa odindi òkìtì kọnkéré tó rí bí arọ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè jáde pẹ̀lú ara rẹ̀. Tí bóòtù méjì yìí bá wọlẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà, kọnkéré kò lè gbà ju nǹkan bíi 9 tọ́ọ̀nù lọ. Tí ó bá wọlẹ̀ ní 40, tí ìpìlẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa yí i ká, ó lè gba nǹkan bíi 29. Ìmọ̀ràn agbaṣẹ́ṣe á gba 8 tọ́ọ̀nù ọjọ́ tí ìwúwo 20 tọ́ọ̀nù wà lórí òpó. Ọjọ́ ìjì, kò ní gbà á.

Pélétì ńkọ́? Nínú àwọn ọjọ́ tí a ṣírò yìí, ọjọ́ 20 tọ́ọ̀nù ló le fún un jù, nítorí pé kọnkéré ń fi 28 tọ́ọ̀nù ti etí rẹ̀ sókè. Òpó náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó 25 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà pélétì yọ jáde ní nǹkan bíi 12 sẹ̀ǹtímítà lápá kọ̀ọ̀kan. Apá tó yọ yẹn ló fẹ́ tẹ̀. Ìṣirò fún wa ní 30 mìlímítà, ìwé sì mú 35. Ẹni tó bá fi 20 rọ́pò rẹ̀, pélétì á tẹ̀ bí páànù.

Ibi tí mo ti rí àṣìṣe jù kò sí lórí ìwé, orí ilẹ̀ ló wà. Ní ibi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣàyẹ̀wò, pélétì jókòó, nọ́ọ̀tù le, gbogbo rẹ̀ dára lójú. Mo fi òòlù kékeré kan án ní etí, ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí agolo òfìfo. Àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì kò dé etí. Àlàfo bíi 10 sẹ̀ǹtímítà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò wa: kọnkéré kò lè ti pélétì sókè ní etí mọ́, inú ló ti máa tì í, ní nǹkan bíi 32 sẹ̀ǹtímítà sí bóòtù dípò 43. 1,200 tí a fi 32 pín sún mọ́ 37, ẹ yọ 20 kúrò, ó ku 17. Bóòtù tó yẹ kó fa 8 ti ń fa 17, nítorí sìmẹ́ńtì tí kò tó ìkòkò kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kan gbogbo etí pélétì lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Èkejì ni bóòtù tí kò bá ihò mu. Nígbà tí kọnkéré bá ti gbẹ, tí bóòtù sì yẹ̀, àwọn kan á fi iná gé ihò pélétì tóbi, àwọn mìíràn á fi òòlù tẹ bóòtù. Ẹ má gbà. Nọ́ọ̀tù tó wà lórí ihò ńlá lè wọ inú rẹ̀ lọ, bóòtù tí wọ́n tẹ̀ kì í sì í fà dọ́gba pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Ẹnjiníà tó ya ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin ààbò òṣìṣẹ́ tó jáde ní 2001 sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Òfin yẹn tún ní kí òpó kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán bóòtù mẹ́rin, kí ìdí rẹ̀ sì lè gba 300 pọ́n-ùn tí wọ́n gbé kọ́ òkè òpó, ní 18 íǹṣì sí ara rẹ̀. Ìwúwo òṣìṣẹ́ tó gun òpó lọ de irin nìyẹn. Nígbà tó bá gùn ún, òrùlé kò tíì sí, ọ̀rẹ́ bóòtù kò tíì dé rárá.

Tí ilé bá ti dúró, ẹ máa wo ìdí òpó lẹ́yìn ìjì. Tí ẹ bá rí ilà tóóró láàárín pélétì àti sìmẹ́ńtì lápá kan, tàbí kọnkéré tó sán yíká bóòtù, ẹ pe ẹnjiníà kí ìjì kejì tó dé. Mo fi kún un pé ipá tó ń ti òpó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìṣirò tirẹ̀, èyí tí mo kò kàn lónìí.

Nígbà tí mo parí, bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà, bóòtù ọgbọ̀n náà ni a ó rà. Èmi fúnra mi ni máa mú òòlù dání." Ó dàbọ̀ o, ó tún di ọjọ́ mìíràn.