Ẹ Kú Iṣẹ́ àti Ẹ Kú Ìṣẹ́

Ẹni tí ó bá gba ọjà Ìkọ̀tún kọjá lówùúrọ̀ yóò ti gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Kò sí ẹni tí ó ń bínú sí i, nítorí ìkíni rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tí ń ta ata, tí agbowó ọjà dúró tì lọ́rùn láti òwúrọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà gba owó rẹ̀ tán tí ó sì ń lọ, ìyá yìí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú ìṣẹ́ o, bàbá." Àwọn tí wọ́n wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Kí ni ìyá yìí ṣe?

Ohùn kan ṣoṣo ni ó yí padà. Bí a bá fi àmì orin kọ gbólóhùn méjèèjì bí a ti ń ṣe ní kíláàsì, "ẹ kú iṣẹ́" yóò jẹ́ re mí re mí, "ẹ kú ìṣẹ́" yóò sì jẹ́ re mí dò mí. Fáwẹ́lì kan tí ó wà lókè díẹ̀ ni ó bọ́ sí ìsàlẹ̀, iṣẹ́ sì di òṣì. Gírámà kò sì dí i lọ́wọ́, nítorí gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí ènìyàn kú iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ń kí i kú ìyà àti kú ìnira. Ìbánikẹ́dùn ni ó jọ, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún un pé tálákà ni agbowó?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù ni ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ kánkán. Nígbà náà ni a máa ń pa fáwẹ́lì jẹ. "Kú iṣẹ́" a di "kúṣẹ́," ohùn àárín a sì bá fáwẹ́lì rẹ̀ lọ láìfi àmì kankan sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fáwẹ́lì rẹ̀ tilẹ̀ parẹ́, òun a lẹ̀ mọ́ sílébù tí ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí "wá ìdí" ti di "wádìí," tí "kọ́ ẹ̀kọ́" sì di "kẹ́kọ̀ọ́." Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ̀wé lórí ohùn yìí ní 1966. Nítorí náà ẹni tí ó ń pẹ̀gàn yóò wí pé "ẹ kúṣẹ̀ẹ́," tí ohùn yóò gùn òkè díẹ̀díẹ̀ ní ìparí. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mú ni yóò gbọ́ ìfàgùn yẹn. Bí agbowó bá yíjú padà, tí ó ní, "Kí lẹ wí?" ìyá yóò sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ ni mo wí, bàbá." Bí ọkùnrin náà bá sì ti dáhùn pé "ẹ ṣé o" ṣáájú, ó ti gba òṣì náà. Ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn a dáhùn pé, "Ẹ̀yin náà ẹ kú u tiyín," a sì dá ẹrù padà fún ẹni tí ó ni ín.

Onílù ní ọgbọ́n mìíràn tí ó yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ìyáàlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ni onílù ń fa jáde bí ó ti ń fún ọsán, tí ó sì ń tú u. Bí ó bá lu re mí re mí fún agbaṣẹ́ṣe kan níbi àsè, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Ṣùgbọ́n "ẹ jí owó" pẹ̀lú jẹ́ re mí re mí. Onílù tí ó fẹ́ kí a gbọ́ òun dáadáa a máa so orúkọ àti oríkì ẹni náà mọ́ ọn, a sì máa lo gbólóhùn gígùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, kí ìtumọ̀ má baà ṣìnà. Èyí tí ó fẹ́ pẹ̀gàn a fi gbólóhùn kúkurú sílẹ̀ ní ìhòhò, a sì máa tún un lù títí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn olùgbọ́ fúnra wọn ni ń hu ìwà yìí. Ilé-iṣẹ́ Asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọba Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1951, máa ń fi ìlù pe orúkọ ara rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn tiwa, kò sì sí oríkì tí ó lè tọ́ etí sọ́nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé àwọn gbọ́ ni, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" Ọba kì í kú lẹ́nu ọmọlúwàbí, ó ń wàjà ni. Síbẹ̀, ta ni wọn yóò mú? Onílù kò dárúkọ ọba, rédíò kò sì sọ Yorùbá.