Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Láti Ẹnu Máníjà Tuntun ní Ẹ̀ka Báńkì

Kí máníjà tuntun tó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀ka tí wọ́n gbé e lọ, ìròyìn rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan ti tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago ní ẹ̀ka tí máníjà náà ti ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé obìnrin náà le, pé kì í rẹ́rìn-ín, pé ìgbà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n dá àwọn kan dúró. Nígbà tí yóò bá fi dìde sọ̀rọ̀, àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ kò ráyè ìtàn ìwé tó kà àti ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ohun mìíràn ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ọwọ́ ta ni iṣẹ́ máa bọ́ báyìí? Kí ló ń wá nínú ìwé wa? Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè sọ fún un? Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, bó ti wù kó dùn tó, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀ka báńkì kan ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ 22 ló wà níbẹ̀, tí a bá ka àwọn kaṣíà, àwọn tó ń wá oníbàárà kiri ìgboro, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń tún ilé ṣe àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pọ̀. Máníjà tuntun jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún 38. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ inú báńkì, tí yóò jẹ́ igbákejì rẹ̀, ti lé ní 50 ọdún, ó sì ti wà ní ẹ̀ka náà kí máníjà méjì tó wá, kí wọ́n sì lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, aago méje ààbọ̀. Tí aago mẹ́jọ bá lù, ilẹ̀kùn á ṣí, oníbàárà á wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kó fi sọ̀rọ̀, kó fi ìyókù gbọ́ tẹnu wọn.

Ibi ìkíni gan-an ni àwọn kan ti ń ṣì í. Òun ni ọ̀gá, àmọ́ àwọn tó lè bí i wà lára àwọn tó dúró yẹn. Máníjà tó bá ki ìyá tó ń gbálẹ̀ àti bàbá ẹnu ọ̀nà bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá kí àgbà, kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sọ ipò rẹ̀ nù. Bó bá sì jẹ́ pé òyìnbó ni báńkì náà fi ń ṣèpàdé, kó tún ibi tó ṣe kókó sọ ní Yorùbá, torí pé bàbá ẹnu ọ̀nà yẹn ló máa kọ́kọ́ rí ọ̀dáràn bí ọ̀dáràn bá ń bọ̀. Kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan ni ọ̀rọ̀ máníjà kò yé.

Lẹ́yìn náà ni kó mẹ́nu kan ẹni tó kúrò lórí àga náà. Gbólóhùn méjì tó: kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì sọ pé ohun tí ẹni náà bá àwọn òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀ kò ní yí padà títí òun yóò fi mọ ìdí tó fi wà bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ pé, "Níbi tí mo ti ń bọ̀, a kì í ṣe é báyìí." Èébú ni wọ́n máa gbọ́ nínú rẹ̀, pàápàá ọ̀gá tó ti lé ní 50 ọdún yẹn, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ètò tó wà nílẹ̀ ti jáde. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ ohun tó dà bí àṣìṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló nídìí.

Ibi tó wá le jù lọ nìyí: ọ̀rọ̀ owó kíkà. Nígbàkigbà tí máníjà bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ máníjà, wọ́n ní láti ka owó inú yàrá owó, kí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wò, kí wọ́n ka àwọn ìwé sọ̀wédowó tí wọn kò tíì lò, kí wọ́n to orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè tí wọn kò san, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó bá ti fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n máa bi ní ohunkóhun tó bá dín. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ báńkì mọ̀ pé ètò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọdé kaṣíà tó rí máníjà tuntun tó wọ yàrá owó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tó ń ṣí àpótí, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, ohun tó máa rò ni pé wọ́n ti fura sí ẹnì kan. Kó tó di ọ̀sán, àhesọ á ti gba ilé kan. Nítorí náà, kó sọ ọ́ kó tó ṣe é. Ó lè sọ pé:

"Láti òní títí di Ọjọ́rú, ẹ máa rí mi pẹ̀lú máníjà yín tó ń lọ, a ó máa ka owó, a ó máa yẹ ìwé wò. Kò sẹ́ni tó fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Bí wọ́n ṣe ń gbaṣẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ tí èmi náà bá ń lọ, ẹni tó bá rọ́pò mi á kà á bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa dá nìkan ṣí i, títí kan èmi."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wúlò púpọ̀. Òfin ni ní gbogbo báńkì pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ lè dá ṣí yàrá owó, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín kọ́kọ́rọ́ fún ẹni méjì. Tí máníjà bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé òfin náà mú òun, ẹni tó kéré jù á lágbára láti sọ fún un lọ́jọ́ mìíràn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká dúró de ẹnì kejì."

Ọ̀rọ̀ kaṣíà ló tẹ̀ lé e. Ká ní kaṣíà kan ka owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì dín ní 20,000 náírà. Ó ṣeé ṣe kó ti san àsanjù fún oníbàárà kan láàárín èrò. Tó bá ń bẹ̀rù ọ̀gá, kò ní sọ. Á yá 20,000 lọ́wọ́ kaṣíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àkáǹtì lè pé lálẹ́, á sì dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Báyìí ni àpótí ẹni méjì ṣe ń di irọ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbèsè náà á máa yí kiri láti àpótí kan sí èkejì, títí àwọn ayẹ̀wéwò á fi yọjú láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n á wá bá ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí àṣìṣe, wọ́n á sì pè é ní olè. Bí kaṣíà bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n lè yẹ ìwé àti fídíò kámẹ́rà wò, kí wọ́n pe oníbàárà tó gba àsanjù, owó sì lè padà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò sí gbólóhùn tó tún ṣe pàtàkì tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà: "Bí owó bá dín lọ́wọ́ rẹ, sọ fún mi lọ́jọ́ náà kí a tó tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá sọ fún mi, a jọ máa wá a ni. Èyí tí mo bá fi ojú ara mi rí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ mi kò ní ká a mọ́."

Àwọn tó ń wá oníbàárà kiri náà ń dúró de tiwọn. Ẹ̀rù táágẹ́ẹ̀tì ló ń bà wọ́n, ìyẹn iye owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú wọlé. Máníjà tí kò tíì ka ìwé ẹ̀ka kò gbọdọ̀ dárúkọ iye kankan ní òwúrọ̀ yẹn. Ohun tó lè sọ ni irú òǹkà tí òun máa ń wò. Ní ẹ̀ka púpọ̀, òṣìṣẹ́ máa ń bẹ oníbàárà ńlá kan pé kó kówó sínú àkáǹtì ní ọjọ́ tí oṣù parí, kó sì kó o jáde lọ́jọ́ kejì, kí ìwé lè dára lójú olú iléeṣẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ká ní mílíọ̀nù 30 náírà ló wà nínú àkáǹtì àwọn oníbàárà òṣìṣẹ́ kan fún ọjọ́ 29, tó wá di mílíọ̀nù 90 ní ọjọ́ ọgbọ̀n. Ẹni tó bá wo ọjọ́ ìparí nìkan á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ro gbogbo oṣù pọ̀, tí a pín in sí ọjọ́ 30, mílíọ̀nù 32 péré ni. Máníjà tó bá sọ pé, "Gbogbo ọjọ́ inú oṣù ni mo máa ń wò," ti gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ ẹ̀bẹ̀ ìparí oṣù, ó sì ti jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi mọ̀ pé ojú máa rí i.

Ọ̀rọ̀ ìlérí wá kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kaṣíà báńkì ní Nàìjíríà kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n, tó sì fi wọ́n ránṣẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n ń retí bíi pé kí wọ́n sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ báńkì. Máníjà ẹ̀ka kò láṣẹ lórí ìyẹn, kò sì láṣẹ lórí owó oṣù, ìgbéga tàbí ibi tí wọ́n máa gbé ènìyàn lọ. Olú iléeṣẹ́ ló ni í. Ohun tó máa ń bà mí nínú jẹ́ ni máníjà tó ń ṣèlérí rẹ̀ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ yẹn á fi ìlérí náà kọ iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Kó fi ẹnu mọ ohun tí àṣẹ rẹ̀ ká, irú bí ètò oúnjẹ ọ̀sán, ẹni tó máa jókòó síbo, àti ìsinmi ọdọọdún. Tó bá ní, "Ètò ìsinmi gbogbo wa á wà lára ògiri kó tó di ọjọ́ Ẹtì," tí ọjọ́ Ẹtì sì bá a níbẹ̀, wọ́n á gba ìyókù gbọ́. Ìsinmi yìí tún ní iṣẹ́ mìíràn nínú báńkì: ìgbà tí ẹlòmíràn bá jókòó sórí àga ẹni tó lọ ni ohun tó bá fi pamọ́ máa ń hàn. Ẹni tí kì í fẹ́ lọ ìsinmi rárá yẹ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, kó dákẹ́, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ní ìbéèrè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wulẹ̀ ní, "Ẹ ṣé mà." Ìyẹn kò fi hàn pé wọ́n gbà, kò sì fi hàn pé wọ́n kọ̀. Ohun tó máa fi hàn ni ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn: ṣé ẹnì kan mú ìròyìn burúkú wá bá a láìjẹ́ pé wọ́n pè é? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó bébà sì ṣọ̀wọ́n káàkiri Nàìjíríà, àwọn kaṣíà àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ kojú ìbínú aráàlú. Ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ ti lè wọlé tọ máníjà láti sọ pé, "Owó ti fẹ́ tán, èrò sì ń pọ̀ sí i níta," máa ń ráyè bá èrò sọ òótọ́ kó tó di ìjà.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sí ẹ̀ka tuntun, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ìdí tí ẹ fi máa ka owó, ohun tí ẹ máa ṣe fún kaṣíà tó bá jẹ́wọ́ pé owó òun dín, àti ìlérí kan ṣoṣo tí àṣẹ yín ká kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ sọ wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ ṣílẹ̀kùn.