Bàtà Iṣẹ́ Tó Ya Lábẹ́: Lẹ́tà sí Ẹni Tó Kó O Wá

Lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ ń kọ sí ẹni tó kó bàtà òṣìṣẹ́ wá, pé abẹ́ bàtà náà ti ya láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé ẹ̀rí ló yẹ kó jẹ́. Ìbínú inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlà kan lọ. Ẹni tó bá gbà á yóò wá ibi tí yóò gbà yọ, ọ̀nà mẹ́ta ló sì sábà máa ń wò: pé àwọn òṣìṣẹ́ lo bàtà nílòkulò, pé omi tàbí kẹ́míkà ilé iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, tàbí pé èyí tó ya kò ju péà méjì mẹ́ta lọ. Lẹ́tà tó dáa ti dí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó kúrò lórí tábìlì ẹni tó kọ ọ́.

Ká ní ilé búrẹ́dì ńlá kan wà n'Ìbàdàn tó ra péà bàtà iṣẹ́ 80, ní ₦22,000 fún péà kan. Wọ́n pín 64 fún òṣìṣẹ́, 16 sì kù sí sítọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún fi parí, péà 27 ti ya lábẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á ránṣẹ́ pe ṣúmékà kó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí iṣẹ́ má baà dúró. Àṣìṣe gbáà ni. Bàtà tí ṣúmékà ti fọwọ́ kàn kò ṣeé fi jẹ́rìí mọ́, torí ẹni tó tà á yóò sọ pé ẹ ti tú u wò. Kí wọ́n bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ òṣìṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ka tó ti wá sórí bébà, kí wọ́n so ó mọ́ ọn, kí sítọkípà sì tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan kí wọ́n wo ojú ibi tó ya. Ojú ibẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Bí abẹ́ bàtà bá ṣí kúrò lára awọ lódindi, tí gbogbo gọ́ọ̀mù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ̀gbẹ́ kejì ń dán bíi pé wọn ò fi nǹkan kan kàn án rí, gọ́ọ̀mù náà kò mú ni. Wọn kò họ ojú ibẹ̀ dáadáa kó tó di pé wọ́n lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ẹni tó ṣe bàtà sì ni ẹ̀bi wà. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà tàbí epo ló jẹ ẹ́, ibẹ̀ máa ń wú, a sì máa rọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kẹ́míkà náà nìkan ni bàtà wọn yóò sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ka fi ṣe pàtàkì: bí bàtà ọlọ́dẹ ojú géètì bá sán bíi ti ẹni tó ń fọ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́míkà ti tán.

Ẹ̀yà kẹta ló ń dààmú ilé iṣẹ́ jù. Abẹ́ bàtà á sán lẹ́bùú, níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká béèyàn bá ń rìn. Téèyàn bá fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀, yóò máa já wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Bàtà tó ti darúgbó nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì kan ẹsẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fi ṣe abẹ́ ọ̀pọ̀ bàtà iṣẹ́ ni políyùrétéènì. Ó fúyẹ́, ó sì rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀, ó ń já àwọn okùn tín-ín-tín tó dì í pọ̀, ooru sì ń mú kó yá. Páálí kò dá a dúró. Bàtà tó ti jókòó ọdún márùn-ún nínú sítọ̀ tó gbóná, tó sì lọ́rinrin, dà bí iṣu tó ti jẹrà nínú tí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán. Rọ́bà gidi kì í ní ìṣòro yìí.

Torí náà, ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ ni péà 16 tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òṣìṣẹ́ ló bà wọ́n jẹ́. Kí wọ́n mú mẹ́rin nínú wọn, kí wọ́n ká a lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n ya fọ́tò. Kí wọ́n sì wá déètì: bàtà tó bá ní àmì ISO 20345 lára yóò ní ọdún tí wọ́n ṣe é, ahọ́n bàtà ni wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ sí. Nínú àpẹẹrẹ yìí, wọ́n bá 03/2019 níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n kó bàtà dé.

Òfin ọjà títà ní ìhà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n gbé ka òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, sọ pé bí olùrà bá ti jẹ́ kí òǹtajà mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tó sì gbára lé ìmọ̀ òǹtajà náà, ọjà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìwé tí wọ́n fi béèrè ọjà, tó kọ “bàtà iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì” sí i, wúlò gan-an níbí. Àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ jù kó tó fapá jánú, òfin lè kà á sí ẹni tó ti gba ọjà wọlé. Yóò lè béèrè owó ìtanràn, ṣùgbọ́n kò ní lè dá ọjà padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rí i ni kí wọ́n kọ lẹ́tà.

Ara lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025, ẹ kó péà bàtà iṣẹ́ 80 wá fún wa, owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,760,000. Ọjọ́ 12 la pín 64. Títí di òní, ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, 27 ti ya: 24 sán níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká, mẹ́ta ṣí níbi gọ́ọ̀mù. Ìdí ààrò, ibi tí a ti ń po ìyẹ̀fun, sítọ̀ àti ojú géètì ni wọ́n ti wá. Nínú 16 tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀, a ká mẹ́rin wò lọ́wọ́, mẹ́ta sán. Déètì ara wọn ni 03/2019. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó gbogbo 80 padà. Ẹ dá owó wa padà, tàbí kí ẹ kó èyí tí wọ́n ṣe ní 2024 sókè wá, kó tó di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. A kò ní lè gba pààrọ̀ látinú ẹrù yìí. Bàtà wà ní sítọ̀ wa fún ẹni tí ẹ bá rán wá.”

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń béèrè owó 27 tó ya nìkan, ₦594,000. Ìtìjú ló ń fà á. Ṣùgbọ́n 53 tó kù, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe é, wọn yóò sì bá àwọn ẹgbẹ́ wọn láìpẹ́.

Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ń tẹ̀: ọ̀kan fún òǹtajà, èkejì fún un láti fọwọ́ sí kó sì kọ déètì sí, kí ó padà sínú fáìlì pẹ̀lú rìsíìtì àti wébíìlì. Bí aṣojú rẹ̀ bá dé, kí wọ́n má ṣe kọ́kọ́ kó bàtà tó ti ya síwájú rẹ̀. Páálí 12 tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni kí wọ́n gbé fún un, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kí ó sì ká a.