Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Di Ọ̀ta Ayò

Ọmọ tó lè jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ni òpè ayò máa ń rí. Ọ̀ta ní tirẹ̀ a kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ta èyí, kí ni yóò fi dá mi lóhùn?" Ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa bá èèyàn ta ayò, ìbéèrè ọ̀ta yìí gan-an ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni wọ́n ń pè ní mínímáàsì.

Lójú kọ̀ǹpútà, ọpọ́n ayò kò ju nọ́ńbà 12 tó tò tẹ̀léra wọn lọ, àti nọ́ńbà méjì míì tó ń ka ọmọ tí oníkálukú ti jẹ. Òfin ayò ló máa ń dá akọ̀wé ètò lágara ju ìṣirò lọ. Bí odù bá yípo dé ilé tí wọ́n ti kó o, ó gbọ́dọ̀ fo ilé náà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò rí i pé ayò ń dàrú nígbà tí ọmọ bá pọ̀ jọ sójú kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ọpọ́n kan tó ti ń lọ sópin. Oníkálukú ti jẹ ọmọ 18, ó ku 12. Ilé kọ̀ǹpútà láti òsì sí ọ̀tún ni 1, 2, 0, 1, 0, 2. Ilé alátakò, bí ọmọ ṣe ń yípo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni 0, 1, 3, 0, 0, 2.

Bí kọ̀ǹpútà bá kó ilé kẹfà rẹ̀, ọmọ tó gbẹ̀yìn yóò bá ọmọ kan ní ilé kejì alátakò, wọ́n á di méjì, yóò sì jẹ wọ́n. Inú òpè á dùn. Ṣùgbọ́n alátakò yóò kó ilé kẹfà tirẹ̀: ilé àkọ́kọ́ kọ̀ǹpútà á di méjì, ìkejì á di mẹ́ta, ó sì jẹ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà jẹ méjì, ó pàdánù márùn-ún; iye ìta náà jẹ́ -3.

Ká ní ilé kejì ló kó ńkọ́? Kò jẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ilé náà ti ṣófo. Bí alátakò bá kó ilé kẹfà rẹ̀, ọmọ tó gbẹ̀yìn yóò dá wà nínú ilé òfìfo yẹn, kò sì ní jẹ. Ilé méjì tó kù tí alátakò lè kó kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Iye ìta yìí jẹ́ 0, 0 sì sàn ju -3. Gbogbo mínímáàsì nìyẹn: nígbà tó bá kan alátakò, ètò gbà pé iye tó kéré jù ni yóò yàn, nígbà tó bá kan kọ̀ǹpútà, èyí tó ga jù ni yóò mú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìta ń bí ìta. Bí oníkálukú bá ní ìta mẹ́fà nígbà gbogbo, wíwo ìta mẹ́jọ síwájú yóò bí ọpọ́n 1,679,616. Ibi tí gígé ẹ̀ka ti wúlò nìyí. Ká ní ilé kejì ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yẹ̀ wò, tó sì ti ní 0 lọ́wọ́. Nígbà tó bá kan ilé kẹfà, tó sì rí i pé ìdáhùn àkọ́kọ́ tó yẹ̀ wò já a sí -3, kí ló tún ń wá nínú ìdáhùn méjì tó kù? Alátakò kò ní gbà ju -3 lọ fún un. Ó gé ẹ̀ka náà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nínú ètò, álífà ni èyí tó dára jù tí ọwọ́ kọ̀ǹpútà ti bà, bétà sì ni ti alátakò:

```python
if alpha >= beta:
    break
```

Ètò tó bá ń kọ́kọ́ yẹ ìta tó dára jù wò ló ń gé ẹ̀ka jù. Bí ó bá ṣe é láìkù síbì kan, 1,679,616 yẹn á di 2,591. Nítorí náà, ìdáhùn tó ń jẹ ọmọ ni kó máa yẹ̀ wò ṣáájú.

Gígé ẹ̀ka kò gbọ́dọ̀ yí iye padà láé. Kí akọ̀wé ètò gbé ọpọ́n kan náà fún ètò tó ń gé ẹ̀ka àti èyí tí kì í gé. Bí iye wọn bá yàtọ̀, àṣìṣe wà. Ó lè jẹ́ pé wọn kò dá ọpọ́n padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó dán ìta míì wò.

Ibì kan sì wà tí ojú ètò máa ń mọ. Bí ó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìta tó jẹ ọmọ, kò ní rí ẹ̀san tó ń bọ̀, yóò sì di òpè padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kó wo ìdáhùn tó lè jẹ ọmọ padà kó tó ka èrè rẹ̀.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam gba ọ̀nà míì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìparí Awari, ayò tí òfin rẹ̀ sún mọ́ tiwa gan-an, wọ́n sì ṣírò padà sẹ́yìn títí dé ìbẹ̀rẹ̀, ọpọ́n 889,063,398,406 lápapọ̀. Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ìta kankan ta, ọ̀mì ni ayò náà.